Ọmọ kọ a = 10, òkúta balẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan: nóòtì wo ni kí n kọ sí i?

Àǹtí Lẹ́sìn, Kàbà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì sẹ́kọ́ńdìrì àgbà ní físíìsì nírọ̀lẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì máa ń ya iṣẹ́ wọn ní fótò, tí wọ́n á fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù. Ìbéèrè tí mo fún wọn nìyí: ẹnì kan dúró sórí àpáta tó ga ní mítà 25, ó ju òkúta sókè tààrà ní 20 m/s. Òkúta gòkè, ó padà, ó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá, ó balẹ̀ nísàlẹ̀. Ẹ mú g ní 10 m/s². Ìṣẹ́jú àáyá mélòó ni yóò lò kó tó balẹ̀?

Ohun tí ọmọkùnrin kan kọ rèé, bó ṣe wà nínú fótò:

u = 20, a = 10, s = 25
s = ut + ½at²
25 = 20t + 5t²
t² + 4t − 5 = 0
(t + 5)(t − 1) = 0
t = 1 s
v = u + at = 20 + 10 = 30 m/s
v² = 20² + 2(10)(25) = 900, v = 30 m/s

Ìdáhùn tó yẹ kó rí ni 5 s. Nóòtì tí mo kọ sílẹ̀ fún un, tí n kò tíì fi ránṣẹ́, ni pé: "Iṣẹ́ rẹ mọ́ tónítóní, fọ́múlà rẹ tọ́. Àmì ásẹ́lẹ́réṣọ̀n rẹ ni kò tọ́. Òkè ni òkúta ń lọ, g sì ń fà á sísàlẹ̀, nítorí náà a = −10. Tún un ṣe." Ṣé ó tó bẹ́ẹ̀? Àbí kí n kúkú kọ gbogbo rẹ̀ sí i?

Ọmọ Ìjùmú

Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Nóòtì yẹn tó. Ohun tí màá fi kún un ni òfin tí wọ́n fi kọ́ àwa: tí nǹkan bá ń gòkè, g jẹ́ máínọ́sì, tó bá ń bọ̀ nílẹ̀, g di pọ́lọ́ọ̀sì. Kó pín ìrìn òkúta náà sí méjì. Lílọ sókè, 0 = 20 − 10t, ìṣẹ́jú àáyá 2 nìyẹn, ó sì ti gòkè mítà 20. Bíbọ̀ nílẹ̀, láti mítà 45, 45 = 5t², ìṣẹ́jú àáyá 3. Ẹ pa wọ́n pọ̀, 5 ló jáde. Kuadirátíìkì kankan ò sí níbẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣe é nínú Wáẹ̀kì àti Jáǹbù nìyẹn, kò já mi kulẹ̀ rí.

Bàbá Tíṣà, Ẹ̀gbẹ̀

Àǹtí, ẹ dá ọwọ́ dúró díẹ̀. Ẹ mú báírò, kí ẹ fúnra yín ṣe ohun tí nóòtì yẹn ní kí ọmọ ṣe, ẹ má fi kún un, ẹ má yọ nínú rẹ̀. Ẹ ní kó sọ a di −10. Ọmọ tó gbọ́ràn yóò sọ ọ́ di −10, kò sì ní fọwọ́ kan èyí tó kù, torí ẹ kò sọ pé kó fọwọ́ kàn án:

25 = 20t − 5t²
t² − 4t + 5 = 0

Ẹ wo b² − 4ac níbẹ̀. 16 − 20, ó di −4. Kò sí sikuẹ́ rúùtù rẹ̀ láàárín gbogbo nọ́ńbà tí ọmọ yẹn mọ̀. Ẹni tó ti ní ìdáhùn lọ́wọ́, tó tilẹ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò, ti wá bọ́ síbi tí kò ti sí ìdáhùn rárá, ọ̀rọ̀ tíṣà ló sì tẹ̀ lé débẹ̀. Ohun tí mo máa ń rí lẹ́yìn èyí ni pé ọmọ á gbójú fo máínọ́sì tó wà lára 4, á mú 2 jáde, á wá rí t = 3 tàbí t = 1. Inú rẹ̀ á dùn pé 1 tún yọjú. Á dá a padà fún yín pẹ̀lú ìdánilójú tó ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Kí ló dé tí kò fi sí ìdáhùn? Ẹ ka ìlà yẹn bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀ ẹnu. Ó ń béèrè pé nígbà wo ni òkúta yìí yóò wà ní mítà 25 lókè ọwọ́ ẹni tó jù ú. Òkúta tí wọ́n jù ní 20 m/s kò lè gòkè ju mítà 20 lọ. Nítorí náà ìṣirò náà ń sọ òótọ́: kò sí ìgbà kankan.

Ẹ wá padà sí ìlà àkọ́kọ́ nínú fótò. Ọmọ kọ a = 10. Ìsàlẹ̀ ni g ń fà sí, ó sì fi pọ́lọ́ọ̀sì sí i. Ó kọ s = 25. Ìsàlẹ̀ ni òkúta parí sí, ó tún fi pọ́lọ́ọ̀sì sí i. Méjèèjì gbà pé ìsàlẹ̀ ni pọ́lọ́ọ̀sì. Ẹyọ kan tó yapa ni u, torí òkè ni òkúta ń lọ nígbà tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ fi máínọ́sì kan ṣoṣo síwájú 20 yẹn:

25 = −20t + 5t²
t² − 4t − 5 = 0
(t − 5)(t + 1) = 0

Ìṣẹ́jú àáyá 5 dé. Ẹ kò fọwọ́ kan a rárá. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ẹ má tíì fi nóòtì náà ránṣẹ́: ẹ ti fa ìlà pupa sábẹ́ a = 10, bẹ́ẹ̀ nínú àmì mẹ́ta tó kọ, méjì fẹnu kò, a sì wà lára àwọn méjì náà.

Ìyá Ìbejì, Ìsánlú

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Èmi ò mọ físíìsì, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ mi náà máa ń fi fótò iṣẹ́ ránṣẹ́ sí tíṣà wọn. Alẹ́ ni wọ́n máa ń yà á, tọ́ọ̀ṣì fóònù ni wọ́n fi ń ríran, òjìji ọwọ́ wọn á sì bo ìdajì ìwé. Ìlà kékeré bíi máínọ́sì yẹn máa ń pòórá. Ṣé ó dá yín lójú pé ọmọ yìí kò kọ ọ́? Kí a má lọ bá ọmọ ọlọ́mọ wí nítorí fótò.

Àǹtí Lẹ́sìn, Kàbà

Ẹ ṣeun, Ìyá Ìbejì, ó yẹ kéèyàn bi ara rẹ̀. Mo fa fótò náà tóbi, mo sì wò ó ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ká ní ó kọ −10 tí fótò gbé máínọ́sì mì ni, ìlà tó tẹ̀ lé e ì bá tú u fó, torí yóò di 20t − 5t², ìlà kẹrin á sì di t² − 4t + 5. Ohun tó wà níbẹ̀ ni + nínú ìlà kẹta, ó sì nà án gbọnrangandan, lẹ́yìn rẹ̀ ni + 4t − 5. Ìlà kan lè ṣìnà nínú fótò, ṣùgbọ́n ìlà mẹ́ta kò lè parọ́ kan náà.

Ohun kan wà o. Ó gé òkè ìwé náà kúrò nínú fótò. Mo ń rí ìdí àwòrán kan lókè pátápátá, bí ẹsẹ̀ àpáta, àti ìrù ọfà kan tí n kò mọ ibi tó kọjú sí.

Bàbá, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ wí nípa 30 m/s tó rí? Ó fi fọ́múlà méjì yẹ̀ ẹ́ wò, méjèèjì sì gbé 30 jáde. Tí mo bá sọ fún un pé kò gbà á, yóò ní kí n wo ẹ̀rí òun.

Bàbá Tíṣà, Ẹ̀gbẹ̀

Ẹ béèrè òkè ìwé yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun. Ibi tí ọfà kọjú sí ni yóò sọ ohun tó ń rò.

Ní ti 30, òótọ́ ni. Òkúta yẹn balẹ̀ ní 30 m/s lóòótọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀ràn yìí fi nílò ìtọ́jú. Ẹ wo v² = u² + 2as dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá sọ u di ìlọ́po ara rẹ̀, àmì rẹ̀ ti lọ: 20 àti −20 ń fúnni ní 400 bákan náà. a àti s sì ń sọ ara wọn di púpọ̀: 10 lọ́nà 25 jẹ́ 250, −10 lọ́nà −25 náà jẹ́ 250. Fọ́múlà yẹn kò ní ojú tó lè fi rí àmì tó sọnù yìí, torí náà ẹ̀rí rẹ̀ kò gbe ọmọ náà lẹ́yìn, kò sì tako ó.

Ibi tí 1 s ti wá ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò. Òkúta gòkè fún ìṣẹ́jú àáyá 2, ó padà dé ìwájú ẹni tó jù ú lẹ́yìn 2 mìíràn. 4 ti lọ. Nígbà tó ń kọjá létí àpáta yẹn, 20 m/s ló tún ń sá, ìsàlẹ̀ ló kọjú sí. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó? 25 = 20t + 5t². Ìlà tí ọmọ yín kọ gan-an nìyẹn! Ìṣẹ́jú àáyá kan ni. Ìparí ìrìn náà ló ṣírò, ó ṣírò rẹ̀ pé pérépéré, ìṣẹ́jú àáyá 4 tí òkúta lò lójú ọ̀run ni kò sí níbẹ̀. Ohun tó kọ jẹ́ ojútùú tó tọ́ fún òkúta tí wọ́n jù sísàlẹ̀ ní 20 m/s.

Torí náà, tí ẹ bá fẹ́ kó fúnra rẹ̀ rí i, ẹ má bá a jà lórí 30. Ẹ bi í pé: òkúta tó ń lọ sókè ní 20 m/s, tí 10 ń kúrò nínú ìyára rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, nígbà wo ni yóò dúró? Yóò sọ pé 2. Òkúta tó lo 2 láti gòkè nìkan kò lè ti balẹ̀ ní 1.

Awakọ̀ Ọ̀bàjànà

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ bá mi dá sí ti ọmọ tèmi, ọ̀rọ̀ àmì náà ni. Wọ́n ní mọ́tò ń sáré ní 20 m/s, ó tẹ búréèkì, ó dúró lẹ́yìn mítà 50, kí ni disẹlẹréṣọ̀n rẹ̀? Ọmọ mi kọ −4. Tíṣà rẹ̀ fi X sí i, ó ní 4 ni. Èmi tí mo ń wa tírélà sìmẹ́ńtì lójoojúmọ́, mo mọ̀ pé tí ẹ bá tẹ búréèkì, nǹkan ń dín kù ni. Dídín kù kọ́ ni máínọ́sì? Torí náà kí Àǹtí fi máínọ́sì sí ti ọmọ yẹn, kí ọ̀rọ̀ parí.

Olùmáàkì, Mọ̀pà

Ẹ kú ọ̀nà o, Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀. 0 = 400 + 100a, a = −4, ọmọ yín ṣírò rẹ̀ dáadáa. Orúkọ tí wọ́n béèrè ló fa wàhálà. Tí wọ́n bá ní kó wá iye a, −4 ni. Tí wọ́n bá ti pè é ní disẹlẹréṣọ̀n, "dídín kù" ti wà nínú orúkọ náà, 4 ló yẹ kó kọ. Èmi fúnra mi ì bá fún un ní máàkì, torí ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé ó mọ ohun tó ń ṣe. Àwọn kan kò ní fún un.

Ṣùgbọ́n ẹ má gbé "dídín kù ni máínọ́sì" wọ ọ̀rọ̀ òkúta yìí. Òkúta tó ń bọ̀ nílẹ̀ ń yára sí i ni, síbẹ̀ ẹni tó bá ti mú òkè ní pọ́lọ́ọ̀sì yóò kọ −10 fún un títí yóò fi balẹ̀. Apá ibi tí nǹkan kọjú sí ni àmì ń sọ.

Àǹtí, ohun tó kàn mí ni máàkì. Bí iṣẹ́ yìí bá jẹ́ máàkì 5, mélòó lẹ máa fún un? Tèmi ni 2: ọ̀kan fún fọ́múlà, ọ̀kan fún bó ṣe yanjú kuadirátíìkì rẹ̀. Ìlà tó ti fi nọ́ńbà sípò, kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀. Kó mọ̀ pé ó jábọ́.

Bàbá Tíṣà, Ẹ̀gbẹ̀

Iṣẹ́ ìdánrawò ni, ẹ̀yin ará Mọ̀pà. Èmi kì í kọ máàkì sára irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tí ọmọ bá ti rí 2 nínú 5, kò ní ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀.

Olùmáàkì, Mọ̀pà

Bàbá, ọmọ tí kò rí máàkì kì í mọ ibi tó dúró. A ò lè fẹnu kò lórí èyí.

Ọmọ Ìjùmú

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tèmi ṣì fún yín ní 5, kò sì sí ẹni tó sọ ohun tó burú nínú rẹ̀. Kí ló dé tí a ò lè fi kọ́ ọmọ náà? Ó rọrùn ju kéèyàn máa wá ohun tó fẹnu kò àti ohun tó yapa.

Bàbá Tíṣà, Ẹ̀gbẹ̀

Ọmọ mi, ìdáhùn rẹ tọ́, ọ̀nà rẹ náà tọ́. Ọ̀rọ̀ tí o fi ṣàlàyé rẹ̀ ni mo fẹ́ ká tún gbé yẹ̀ wò. O ní g di pọ́lọ́ọ̀sì nígbà tí òkúta yí padà. Padà síbi tí o ti kọ 45 = 5t². O ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn tuntun níbẹ̀: o sọ u di òdo, o bẹ̀rẹ̀ sí ka mítà láti òkè wá sísàlẹ̀. Ìwọ lo yí apá tí o ń kà sí pọ́lọ́ọ̀sì padà. g kò yí. Ó ń fà á sísàlẹ̀ nígbà tó ń gòkè, ó ń fà á nígbà tó dúró lókè gan-an, ó ń fà á nígbà tó ń bọ̀.

Kò sí wàhálà níwọ̀n ìgbà tí o bá ń pín ìrìn sí méjì. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti há òfin yẹn sórí, fún un ní ìlà kan ṣoṣo tó kó lílọ àti bíbọ̀ pọ̀, kí o wo ohun tí yóò ṣe. Yóò béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé ṣé òkúta yìí ń lọ ni àbí ó ń bọ̀? Ìbéèrè ní "nígbà tó balẹ̀", ó ń bọ̀ nìyẹn, pọ́lọ́ọ̀sì ni. Ó kọ 20t + 5t². Bóyá ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Àǹtí gan-an nìyẹn. s = ut + ½at² kì í ṣiṣẹ́ àyàfi tí iye a bá jẹ́ ẹyọ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmì rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọmọ Ìjùmú

Mo gbọ́ yín, Bàbá. Síbẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, èmi á ṣì pín in sí méjì. Ó yá mi lọ́wọ́.

Ọmọ Bùnú

Ẹ jọ̀ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ lèmi náà. Nínú ìdọ́gba tó tọ́, t = 5 àti t = −1 ló jáde. Tíṣà wa ní ká da máínọ́sì nù torí àkókò kì í jẹ́ máínọ́sì. Nínú ti ọmọ yẹn, −5 àti 1 ló jáde. Nọ́ńbà kan náà ni, àmì wọn nìkan ló pààrọ̀. Ṣé ó ní ìtumọ̀ ni àbí ó kàn ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Bàbá Tíṣà, Ẹ̀gbẹ̀

O káre! Ó ní ìtumọ̀. −1 ń sọ pé ìṣẹ́jú àáyá kan ṣáájú kí òkúta tó kúrò lọ́wọ́. Ká ní kò sí ẹnikẹ́ni lórí àpáta, tó jẹ́ pé láti ilẹ̀ ni wọ́n ti ju òkúta náà sókè ní 30 m/s. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá kan yóò ti gòkè 30 − 5, mítà 25, ìyára rẹ̀ á sì ku 20. Ó ti dé orí àpáta ní 20 m/s, bí ìgbà tí ẹni yẹn jù ú gẹ́lẹ́. Ìdọ́gba kò mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ló ti bẹ̀rẹ̀, ó kàn ń ka gbogbo ìgbà tí òkúta wà nílẹ̀. Nínú ìbéèrè yìí a máa ń dà á nù, torí òkúta ṣì wà lọ́wọ́ ẹni náà nígbà yẹn.

Ti ọmọ yẹn, ó yí òkúta láti òkè sí ìsàlẹ̀, àkókò sì yí pẹ̀lú rẹ̀: ohun tó jẹ́ ọjọ́ iwájú fún òkúta kan di àtẹ̀yìnwá fún èkejì. 5 tó ń wá wà lójú ìwé rẹ̀, ó wọ aṣọ máínọ́sì, ó sì dà á nù.

Àǹtí Lẹ́sìn, Kàbà

Mo ti tún nóòtì náà kọ. Ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

"Mo ka iṣẹ́ rẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Fọ́múlà tọ́, bí o ṣe yanjú rẹ̀ tọ́, 30 m/s náà tọ́. Òkúta rẹ ló kù tí mo fẹ́ kí a jọ tọ̀ lẹ́yìn. Kọ́kọ́ sọ fún mi: lẹ́yìn tó kúrò lọ́wọ́, ìṣẹ́jú àáyá mélòó ló fi gòkè kó tó dúró? Fi wé ìdáhùn rẹ. Lẹ́yìn náà, ká ní ìsàlẹ̀ ni wọ́n ju òkúta náà sí ní 20 m/s, kọ u, a, àti s rẹ̀ sílẹ̀, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí o ti kọ. Nígbà tí o bá ti rí i, ya àpáta náà, fa ọfà kan, kọ '+' sí orí rẹ̀, kí o wá fi àmì sí u, a, àti s pẹ̀lú ọfà yẹn kí o tó kọ fọ́múlà. Ya gbogbo ìwé náà nígbà yìí, òkè rẹ̀ wà nínú àwòrán."

N kò sọ apá tó yẹ kó mú ní pọ́lọ́ọ̀sì. N kò sì kọ máàkì.

Olùmáàkì, Mọ̀pà

Ó dára, Àǹtí, ṣùgbọ́n ó gùn fún ọmọ tó ń kà á lórí fóònù. Èmi á ní kó mú òkè ní pọ́lọ́ọ̀sì nígbà gbogbo, kó má bàa máa yan èyí lónìí, kó yan tọ̀hún lọ́la. Ọmọ tó ń yan fúnra rẹ̀ á gbàgbé ohun tó yàn kó tó dé ìlà kẹta.

Ìyá Ìbejì, Ìsánlú

Èmi tí mi ò mọ̀ ọ́n pàápàá yé ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn. Ẹ fi ránṣẹ́, Àǹtí. Ibi ọfà yẹn nìkan ni kí ẹ fi fóìsì nóòtù sọ, kó gbọ́ ohùn yín.

Àǹtí Lẹ́sìn, Kàbà

Mo fi ránṣẹ́, mo sì fi ohùn sọ ti ọfà. Ó ti dáhùn. Ó kọ "2 s, Àǹtí, kò lè jẹ́ 1" lójú ẹsẹ̀. Ó tún rí i pé òkúta tí wọ́n jù sísàlẹ̀ ní u, a, s kan náà pẹ̀lú tirẹ̀. Fótò tuntun dé, gbogbo ìwé wà nínú rẹ̀. Ọfà rẹ̀ kọjú sókè, ó kọ + sí orí rẹ̀. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ rèé:

u = +20, a = −10, s = +25
t² − 4t + 5 = 0

Ó dúró síbẹ̀. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé: "Àǹtí, gíga àpáta ni 25, gíga kì í jẹ́ máínọ́sì." Bàbá, ibi tí ẹ ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ náà ló dé, bẹ́ẹ̀ n kò ní kó yí a nìkan padà.

Bàbá Tíṣà, Ẹ̀gbẹ̀

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ ohun tó ń rò fún yín wàyí, ìyẹn sì ṣe pàtàkì ju àmì lọ. s ló ń dà á láàmú. Ó gbà pé s ni gíga àpáta. Òótọ́ ni pé gíga àpáta kì í jẹ́ máínọ́sì, ẹ má bá a jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n s nínú fọ́múlà yẹn ń béèrè ibi tí òkúta parí sí bí a bá ń kà á láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó jù ú ni ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ìlà kan péré sí i: nígbà tí òkúta balẹ̀, ṣé òkè ọwọ́ rẹ ló wà ni àbí ìsàlẹ̀?

Tó bá ti dáhùn, ẹ fún un ní òkúta yìí kan náà ní ìgbà mẹ́ta, u = 20, a = −10, ẹ má yí wọn padà. Lákọ̀ọ́kọ́, s = 15. Yóò rí t = 1 àti t = 3, méjèèjì tọ́, ọ̀kan nígbà tó ń gòkè, ọ̀kan nígbà tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà s = 0. Yóò rí 4, ìgbà tó padà dé ọwọ́, àti òdo, ìgbà tó kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni s = −25. Yóò rí i pé òkúta lọ, ó bọ̀, ó tún kọjá lọ sísàlẹ̀, àmì a kò sì yí padà lẹ́ẹ̀kan. Èyí ni mo máa ń fún àwọn tó bá ti gbọ́ òfin Ọmọ Ìjùmú.

Ọmọ Ìjùmú

Mo ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. 1 àti 3, 4, 5. Ti s = 15 yẹn, ọ̀nà tèmi náà rí i, ṣùgbọ́n ó gùn díẹ̀ lóòótọ́.

Olùmáàkì, Mọ̀pà

Mo gba ti s. Lórí máàkì, èmi ò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà o: ẹ kọ nọ́ńbà kan sí i kí ìdánwò tó dé.

Àǹtí Lẹ́sìn, Kàbà

Ó dáhùn: "Ìsàlẹ̀." Ó ti ń ṣe ti s = −25 báyìí. N ó fún gbogbo kíláàsì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́jọ́ Sátidé, torí fótò mẹ́rin mìíràn tún wà níbí tí wọ́n kọ + 5t².